Ibo ni 3475 J tó kù wà?

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, móòlù 1 gáàsì àídíà wà nínú sílíńdà tí omi 298 K yí ká, ó fẹ̀ láti 1000 kPa sí 100 kPa. Wọ́n ní tó bá fẹ̀ lọ́nà rífásíbù, ìyẹn díẹ̀díẹ̀ lọ́nà tó ṣeé dá padà, á ṣiṣẹ́ 5705 J, tó bá jẹ́ ìrífásíbù, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà, 2230 J péré. Ibì kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n parí sí, ibo wá ni 3475 J tó kù wọlé sí?"

Àbúrò, kò wọlé síbì kankan o, inú omi tó yí sílíńdà yẹn ká ló ṣì wà, kò tiẹ̀ jáde níbẹ̀ rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní nǹkan yìí, ibi tó sì máa ń dá wọn dúró nìyẹn, wọ́n á máa wá agbára tó sọnù kiri inú gáàsì. Agbára inú gáàsì àídíà, tẹmpirẹ́ṣọ̀ nìkan ló ń wò, 298 K ló ti bẹ̀rẹ̀, 298 K ló parí sí, nítorí náà ΔU = 0 lọ́nà méjèèjì. Iṣẹ́ yòówù kó ṣe, ooru tó gbà lọ́wọ́ omi ló fi ṣe é. Èyí tó ṣiṣẹ́ 5705 J gba ooru 5705 J, èyí tó ṣiṣẹ́ 2230 J kò gbà ju 2230 J lọ.

Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi gbà ju èkejì lọ? Jẹ́ ká fi ẹrù wò ó. Písítìnì kan rèé tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.01 m², kò sí atẹ́gùn kankan lókè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì wúwo, iyanrìn tá a kó lé e lórí nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Kí gáàsì tó lè wà ní 1000 kPa, iyanrìn yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú 10,000 N, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù kan. Fọ́lúùmù gáàsì jẹ́ lítà 2.48, ó máa dé lítà 24.78 tó bá parí, tó túmọ̀ sí pé písítìnì á gòkè ní mítà 2.23.

Wàyí o, ká ní o gbá ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iyanrìn yẹn dànù lẹ́ẹ̀kan náà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Písítìnì á ta sókè, á gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ kó tó fara balẹ̀, tá a bá sì wo ohun tó gbé, 1000 N péré ló gbé gun mítà 2.23, ìyẹn 2230 J. Iyanrìn 9000 N tó o gbá dànù, kò gbé e kúrò nílẹ̀ rárá! Ṣùgbọ́n tó o bá ń bu iyanrìn yẹn díẹ̀díẹ̀, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, tó o ń tò ó sórí pẹpẹ níbi tí písítìnì bá gòkè dé, gáàsì á ti bá ọ gbé hóró kọ̀ọ̀kan dé ibi tó ga jù tó lè gbé e dé kó o tó mú un. Àpapọ̀ gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ́ nRT ln(V2/V1), 8.314 × 298 × ln 10, 5705 J. Tó o bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì, kó kọ́kọ́ dúró ní 500 kPa kó tó bọ́ sí 100, 3221 J lo máa rí, ó ju 2230 lọ, kò sì tó 5705. Bó o ṣe ń pín in wẹ́wẹ́ sí i ló ń súnmọ́ 5705, kò ní kọjá ẹ̀ láéláé, àmọ́ kó tó pé géérégé, ọjọ́ náà ò ní parí.

Ibi tí mo ti rí i tí máàkì ń bọ́ jù ni kí ọmọ rí "aisotẹ́má", ìyẹn pé tẹmpirẹ́ṣọ̀ ò yí padà, kó sáré lo ln láìwo ohun tó ń tẹ gáàsì láti ìta. Fọ́múlà ln yẹn gbà pé prẹ́ṣọ̀ inú àti ti ìta ń bára wọn dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí písítìnì ń ta sókè, prẹ́ṣọ̀ inú gáàsì ò tiẹ̀ dọ́gba káàkiri, kò sí iye kan tó o lè fi sínú ìṣirò, ti ìta nìkan la mọ̀:

```
w = P_ext × (V2 − V1)
  = 100 kPa × (24.78 − 2.48) L = 2230 J
```

kPa tó o bá fi lítà sọ ọ́ di púpọ̀, J ló ń fún ẹ ní tààrà. Àwọn oníkẹ́mísírì á fi àmì ìyọkúrò síwájú ẹ̀, o ò gbọdọ̀ da àmì méjèèjì pọ̀ nínú ìṣirò kan.

Tó o bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà kedere, dá gáàsì yẹn padà sí lítà 2.48. Lọ́nà rífásíbù, 5705 J tó fún ẹ náà ló máa gbà padà, gbogbo nǹkan á bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n tó o bá kó 1000 kPa lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, 1000 × 22.3, 22,300 J ló máa ná ẹ, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó o rí gbà nígbà tó ń lọ. Nítorí náà, tí ìdáhùn ẹ fún ìfẹ̀ ìrífásíbù bá ju ti rífásíbù lọ láàárín ibi méjì kan náà, tàbí ti ìfúnpọ̀ ìrífásíbù bá kéré sí ti rífásíbù, padà lọ wo P tó o lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti inú lo mú.