Dókítà kọ́ ló fi ọta ìbọn sí i lẹ́nu

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀gá wa sọ ní ìpàdé pé gbogbo wa ní láti ‘bite the bullet’ lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù. Mo rí fídíò kan tó ní inú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé ọta ìbọn ni dókítà máa ń fi sí ológun lẹ́nu kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ‘gba kámú’ ni ká máa pè é ní Yorùbá?”

Rárá ni ìdáhùn sí méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti fídíò yẹn kúrò nílẹ̀, nítorí ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi, ó sì ti ń sú mi.

Ọdún 1861 ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni wọ́n ti fi ítà kun aláìsàn lóorun níṣojú àwọn dókítà ní Boston, ọdún kejì rẹ̀ ni kilorofọ́ọ̀mù sì jáde ní Edinburgh. Wọ́n á rọ oògùn náà sórí aṣọ, wọ́n á gbé e sí aláìsàn nímú, yóò fa èéfín rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Nígbà tí ogun fi dé, oògùn yìí ni àwọn dókítà ìhà méjèèjì ń lò. Ó máa ń tán lọ́wọ́ wọn nígbà mìíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tiẹ̀ rò ó wò: ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ọkùnrin mẹ́rin dì mú, tó ń ké, ẹ wá ju nǹkan róbótó sí i lẹ́nu. Níbo ni yóò gbà? Ọ̀nà ọ̀fun ni. Bí dókítà bá fẹ́ kó ge nǹkan jẹ, igi tàbí awọ ni yóò fún un. Àwọn ọta tí àpá eyín wà lára wọn tí wọ́n ń fi hàn yín ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń tú ilẹ̀ ojú ogun ló jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ibi tí ẹ̀rí wà ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ìyà ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Francis Grose, tí òun náà ti ṣe ológun rí, kó ọ̀rọ̀ ìgboro jọ sínú ìwé atúmọ̀ kan. Nínú ẹ̀dà tó jáde ní 1796, ó ṣàlàyé orúkọ ẹ̀gàn kan, “nightingale”, ẹyẹ tó ń kọrin lóru. Ológun tó bá figbe ta nígbà tí wọ́n bá ń nà án ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á so olúwarẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n gbé dúró, wọ́n á bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n á sì máa fi pàṣán olókùn mẹ́sàn-án nà án lẹ́yìn. Grose ní nínú àwọn ẹgbẹ́ ogun kan, ìtìjú ńlá ni kéèyàn ké, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ ọta ìbọn lẹ́nu. Òjé ni ọta ìgbà náà, irú èyí tí apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n. Ó rọ̀ débi pé eyín ń wọ̀ ọ́, kò ní kán an. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o. Májèlé ni òjé. Ẹ rántí àwọn ọmọ tó kú ní Zamfara ní 2010.)

Àwọn mìíràn ní láti Íńdíà ni, ní 1857, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kọ̀ láti fi eyín ya ìdì ọta tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ wà lára rẹ̀. Bébà ni wọ́n ń fi eyín ya níbẹ̀, ìwé Grose sì ti wà ní ọgọ́ta ọdún ó lé kan ṣáájú. Nígbà tí Rudyard Kipling fi lò ó nínú ìtàn àròsọ ní 1891, ọ̀rọ̀ náà ti di “ṣọkàn akin, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́”.

Lónìí, ohun tó túmọ̀ sí ni kéèyàn di ojú, kó ṣe nǹkan líle tó ti ń sá fún. Ibẹ̀ ni “gba kámú” ti yàtọ̀ sí i. Ẹ wo ẹni tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ ń mu ọ́ìlì, tó ń ra gálọ́ọ̀nù kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ torí pé kò fẹ́ gbọ́ iye tí mẹkáníìkì yóò pè. Bó bá jí lọ́jọ́ kan tó kówó sílẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó ti ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn, gba kámú nìyẹn: nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó kù láti yàn. Nítorí náà “ẹ jẹ́ ká di ojú ṣe é” ni mo máa ń kọ, tàbí “ká fi àyà rán an”. Ẹ má kọ “jẹ ọta ìbọn”. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé wọ́n yìnbọn fún yín ni.

Ní ti owó oṣù, èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ lọ wo ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá yín bá dín owó yín kù láìbéèrè lọ́wọ́ yín, tó wá ń fi ọ̀rọ̀ yìí bò ó, ó ṣì í lò. Òun ló yàn án, ẹ̀yin lẹ̀ ń gba kámú.