Ègbè ni kó o kọ́kọ́ wá

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n kọ orin ìyìn tó ní lílé àti ègbè fún ìpàdé ọ̀dọ́ wa, ìlù àti àtẹ́wọ́ máa wà ńbẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àmọ́ kò bọ́ sẹ́nu. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?"

Àbúrò mi, fi lílé sílẹ̀ ná, ègbè ni kó o kọ́kọ́ wá. Nígbà témi bẹ̀rẹ̀, ohùn orin ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, tó bá ti dùn màá wá há ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀. Bí mo ṣe kọ "Olúwa logún mi" fún fẹ́lóṣíìpù wa nìyẹn, ohùn tí mo fún un ò gòkè rárá níbi "gún", ó kàn tẹ́jú lọ gbọrọ, a ń lùlù, àwọn ọ̀dọ́ ń jó, àfi bí màmá kan ṣe pè mí lẹ́yìn ìpàdé pé ọmọ mi, kí lẹ ṣe fún Olúwa tẹ́ ẹ fi ní òun logun yín? Ogún ti di ogun lẹ́nu wa. Ó dùn mí gan-an.

Látìgbà yẹn, màá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni, léraléra, kí n tó wá ohùn sí i. Olúwa logún mi: re mí re re mí re. Orin náà lè ga jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó rẹlẹ̀, àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí orin má sọ̀kalẹ̀ ńbẹ̀.

Àtẹ́wọ́ mẹ́rin ni mo máa ń kà fún ègbè. Àkọ́kọ́ á bọ́ sórí "lú", èkejì sórí "gún", méjì tó kù á ṣófo kí ẹni tó ń lé lè ráyè wọlé. Tí ọ̀rọ̀ bá kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lílé àti ègbè á máa kọlu ara wọn, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Lílé wá kàn. Mo rántí àwọn ọmọ Léfì tí wọn ò pín ilẹ̀ fún, tí Bíbélì ní Olúwa ni ogún wọn nínú Diutarónómì 18:2, ni mo bá kọ ọ́ báyìí:

Bí wọ́n pín ilẹ̀ (Olúwa logún mi)
Bí wọ́n pín ilé (Olúwa logún mi)
Bí wọ́n pín owó (Olúwa logún mi)

Wò ó, ilẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ilé àti owó ń gòkè, torí náà ẹni tó ń lé gbọ́dọ̀ máa yí ìparí ohùn ẹ̀ padà, kó má fi ohùn kan ṣoṣo lé gbogbo ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní gángan, kí onílù fi sọ ègbè náà lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó fẹnu kọ ọ́. Àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ẹnu kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ṣáájú o, torí ohùn nìkan ni gángan ń sọ, ọ̀rọ̀ tó sì ní irú ohùn yẹn pọ̀. Àtẹ́wọ́ náà máa ń sáré, pàápàá tí àkúbà bá ti gbóná, ibi méjì tó ṣófo yẹn ló kọ́kọ́ máa ń run. Tí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, màá na ọwọ́ sókè kí ìlù dákẹ́, agogo nìkan á máa lù, a ó fi ẹnu àti ọwọ́ kọ ọ́ nígbà méjì, kí gángan tó tún wọlé.