Gèlè ló wọ́ ni, àbí fọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́n wé gèlè sẹ́gò fún mi l'Ákùúrẹ́ nítorí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo wo sẹ́lífì tí mo yà, apá ọ̀tún tóbi ju òsì lọ, ó sì ga jù. Mo fa ìlà láti imú lọ sókè, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ọ̀tún 4 sẹ̀ǹtímítà, òsì 3. Ṣé kí n lọ gba owó mi padà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi owó onígèlè sílẹ̀ ná. Ta ló tiẹ̀ kọ́ yín ní ìlà yìí? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi fọ́tò tí wọ́n fa ìlà pupa sí láàárín ránṣẹ́ sí mi, bí ẹni ń wọn ilẹ̀ ní Ìjàpó. Ìlà yẹn ló ń tàn yín jẹ.

Wo fọ́tò rẹ dáadáa. Yẹtí ọ̀tún hàn tán, ti òsì ò hàn rárá. Ìyẹn ni pé o yíjú sí òsì díẹ̀. Imú ló yọ síta jù lójú ènìyàn, nítorí náà bí orí bá yí díẹ̀, imú ló máa kọ́kọ́ sún. Ìlà rẹ bá a lọ sí òsì, ni apá ọ̀tún bá gbòòrò, ti òsì sì dín kù. Gèlè tó dọ́gba pátápátá á ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ rẹ. Èjìká ọ̀tún rẹ gbé sókè, a jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún lo fi na fóònù síta. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju èyí tó jìnnà lọ, pàápàá tí fóònù ò bá ju gígùn apá kan lọ. Sẹ́gò le bíi bébà, ó máa ń nà síta kọjá etí, nítorí náà apá ọ̀tún rẹ̀ ló sún mọ́ fóònù jù. (Aṣọ òkè ì bá má nà tó bẹ́ẹ̀, ó wúwo, ó sì rọ̀ ju sẹ́gò lọ.)

Ti gíga náà, ibì kan náà ló ti wá. O gbé fóònù ga ju ojú lọ. Àgbọ̀n rẹ tó kéré bí ẹnu ẹyẹ ló sọ fún mi. Èmi kì í fi rúlà nìkan wọn gíga gèlè, ojú ẹni tí a wé e fún ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú sẹ́lífì rẹ, láti àgbọ̀n dé ibi tí gèlè ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí jẹ́ 5, gèlè fúnra rẹ̀ jẹ́ 6. Nínú fọ́tò kejì tí o fi kún un, èyí tí ẹnìkan yà láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí fóònù sì bá ojú rẹ dọ́gba, méjèèjì bára mu. Gèlè kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó fì lóòótọ́, yí fọ́tò kejì yẹn títí ẹyinjú méjèèjì á fi wà ní ipele kan. Wá wọn láti irun ojú dé ibi tí gèlè ti bẹ̀rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí orí bá yí díẹ̀, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tìrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ká tiẹ̀ ní ó fì, ṣé o sọ fún onígèlè pé kó má jẹ́ kó fì? Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló fẹ́ kó fì.

Àmọ́ mo rí àléébù kan tí o ò bi mí. Fa fọ́tò náà tóbi níbi ẹ̀bátí òsì. Ó yẹ kí àwọn pílíìtì ibẹ̀ tò léra wọn, kí wọ́n sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ìkẹta ti lanu, ó sì ti ya kúrò lára ìkejì, a ń rí inú aṣọ. Kámẹ́rà lè mú nǹkan tóbi, kò lè la pílíìtì lẹ́nu.

Ta ló jẹ̀bi? Mi ò sí níbẹ̀, fọ́tò ò sì fi ẹ̀yìn orí hàn mí, mi ò lè dá ẹnìkan lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé píìnì ò wọlé dáadáa. Ó sì lè jẹ́ mọ́tò: mo wé gèlè fún ìyàwó kan l'Óǹdó nígbà kan, kó tó dé gbọ̀ngàn, òrùlé mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́, èmi ni wọ́n sì bú. Fi rúlà sílẹ̀, mú fọ́tò ẹ̀bátí yẹn lọ bá onígèlè rẹ, kí o bi í pé ibo ló fi píìnì sí.