Ọkọ àbí ọkọ̀: ṣé kí n fàmì sí i?

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, mo wá fẹ́ kọ 'Ẹ wá wo ọkọ mi tuntun' sábẹ́ fọ́tò ẹ̀, káwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé mo ti lọ́kọ. Ṣé kí n fàmì sí i àbí kí n má fi sí i?"

Àbúrò mi, ohùn ìparí nìkan ló ya méjèèjì. Tóo bá kọ "ọkọ̀", eré ti tán nìyẹn, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé mọ́tò ni. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe jù ni pé wọ́n á fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù bíi tìẹ yìí, wọ́n á wá fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀, wọ́n á rò pé àwọn ti fi í pamọ́. Rárá o. Ohùn àárín la kì í fàmì sí, torí náà "ọkọ" tí kò lámì láàárín àwọn tó lámì, ẹni tó fẹ́ ẹ nílé ni, kò ní ìtumọ̀ méjì mọ́.

Yọ àmì ohùn kúrò lórí gbogbo ẹ̀ pátá: "Ẹ wa wo ọkọ mi tuntun". Àmọ́ má fọwọ́ kan àmì abẹ́ lẹ́tà o! "Ọ" kì í ṣe "o", lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni. Tóo bá yọ ìyẹn náà, "oko" ló kù, ẹnì kan á kà á sí oko tí wọ́n ń ro, ẹlòmíì á gbé ìparí ẹ̀ sókè, ó ti di nǹkan ọmọkùnrin nìyẹn, lójú àwọn àgbà tó ń wo fọ́tò ẹ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká náà gbọ́dọ̀ bá méjèèjì mu. "Ọkọ mi lo gbe mi dele" dáa gan-an, ṣùgbọ́n "mo ra" á tú àṣírí, torí a kì í ra ọkọ. Ẹni tó ti wà nílé ọkọ kó má lo "tuntun", wọ́n á máa bi í pé ti àtijọ́ ńkọ́.

Tó bá jẹ́ fídíò lo fẹ́ sọ ọ́ sí, kò lè ṣiṣẹ́, ẹnu ẹ á gbé ohùn ẹ̀ jáde. Irú "kọ" ni kóo wá lọ. "Wọ́n ti kọ orúkọ mi": ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni àbí wọn ò gbà á? Kíkọ̀ ni "kọ̀", àmọ́ tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn á gòkè sí àárín, á wá dọ́gba pẹ̀lú "kọ" ti ìwé, lẹ́nu àti lórí ìwé, kódà tóo fàmì sí i pé pérépéré. Ìgbà tóo bá fẹ́ tú u ni kóo wá yọ "orúkọ" kúrò: "wọ́n kọ ọ́", ó ti wà nínú ìwé, "wọ́n kọ̀ ọ́", wọn ò gbà á.