Owó tó ṣẹ́kù lópin ọdún kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo

“Ọdún mẹ́ta la fẹ́ fi kọ́ ilé ìwòsàn abúlé wa. Owó ọdún kìíní ṣẹ́kù, ọjà sì ń wọ́n sí i. Báwo ni mo ṣe lè gbé owó náà lọ sí ọdún kejì kí ìṣirò má dàrú?”

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akápò nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, àṣìṣe tí mo sì ṣe ni pé mo kó gbogbo owó tó ṣẹ́kù pọ̀ mọ́ ti ọdún kejì. Ní iye tí ọjà ń lọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ètò wa jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà fún ọdún kìíní, 25 fún ìkejì àti 10 fún ìkẹta. A fi ìdá 20 nínú 100 lé e lọ́dọọdún nítorí ọ̀wọ́n ọjà, 25 wá di 30, 10 sì di 14.4. Mílíọ̀nù 14 la san jáde lọ́dún kìíní. Bí mo ṣe fi 6 tó kù lé 30, ó dà bí ẹni pé a ní 36, a sì ń ná an bẹ́ẹ̀, títí di oṣù Kẹsàn-án tí a fẹ́ kan òrùlé, tí owó rẹ̀ kò sì sí mọ́.

Nígbà tí mo tú ìwé wò, ọ̀nà mẹ́ta ni mílíọ̀nù 6 yẹn pín sí. Mílíọ̀nù 1 jẹ́ gbèsè, nítorí pé káfíńtà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ìwé owó rẹ̀ ló pẹ́ dé. Mílíọ̀nù 4 jẹ́ ti òrùlé tí a kò tíì kàn. Mílíọ̀nù 1 péré ni a rí fi pamọ́ ní tòótọ́, torí pé a ra sìmẹ́ńtì ní owó tó dín sí èyí tí a kọ sílẹ̀. Òrùlé tó jẹ́ mílíọ̀nù 4 lọ́dún kìíní yóò sì gba 4.8 lọ́dún kejì. Inú owó sìmẹ́ńtì yẹn ló yẹ kí 800,000 tó dín ti wá, bí ẹni tó fún yín lówó bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé.

Nínú tábìlì orí kọ̀ǹpútà, ẹ fi iye ìbẹ̀rẹ̀ sí B, nọ́ńbà ọdún tí a máa ṣe iṣẹ́ náà sí C, ìdá ọ̀wọ́n ọjà sí F1, bíi 20%:

```
=B2*(1+$F$1)^(C2-1)
```

Bí iṣẹ́ bá sún síwájú, nọ́ńbà ọdún nìkan ni kí ẹ yí padà. Ẹ kọ nọ́ńbà ọdún inú ètò àkọ́kọ́ sí òpó mìíràn tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, kí ẹ lè mọ ohun tó sún àti ọdún tó ti wá. Iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ti fọwọ́ sí iye kan pàtó fún kò nílò ìlànà yìí. Iye inú àdéhùn ni kí ẹ kọ.

Kí ẹ tó ti ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ro owó tí ẹ san, gbèsè, owó iṣẹ́ tó sún àti owó tí ẹ fi pamọ́ pọ̀. Tiwa jẹ́ 14, 1, 4 àti 1, ó sì pé 20. Bí tiyín kò bá bá iye tí ẹ gbà lọ́dún náà mu, gbèsè kan wà tí ẹ kò tíì kọ sílẹ̀, tàbí kí ẹ ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì.