Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wo ni kí n rà, ìpara wo ni kí n fi sára ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nẹ́ẹ̀tì tí a ń lò kò lu, síbẹ̀ mo máa ń rí ẹ̀fọn tó bà lé e, tí kò sì kú. Ẹni tó ń tà á ní kí n ra èyí tó ní kẹ́míkà méjì, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ṣé ó yàtọ̀ lóòótọ́? Ìpara wo ni mo sì lè fi sára ọmọ mi ọlọ́dún méjì àti àbúrò rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Ọkọ mi ń ṣe gádì lóru. (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọwọ́ lómi, mà. Ó yàtọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ kẹ́míkà kejì yẹn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ wo àkọlé tó wà lára àpò nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò. Ẹ ó rí pẹmẹtirínì, dẹlitamẹtirínì tàbí álífà-saipamẹtirínì níbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lẹ́tà T-H-R-I-N ló parí orúkọ gbogbo wọn, nítorí náà kò ṣòroó dá mọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń lò wọ́n, débi pé ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ibà ní Èkó àti Ògùn kì í kú mọ́ bí wọ́n bá fara kàn wọ́n. Àwọn ẹ̀fọn wọ̀nyí ní èròjà kan nínú ara tó ń fọ́ oògùn náà kó tó pa wọ́n. Nẹ́ẹ̀tì yín ṣì ń dí wọn lọ́nà, ẹ má sọ ọ́ nù kí ẹ tó rí òmíràn. Àmọ́ bí apá ọmọ bá fara ti nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀fọn lè jẹ ẹ́ láti ìta.

Oríṣi méjì ni nẹ́ẹ̀tì oníkẹ́míkà méjì tí ẹ lè bá pàdé lọ́jà. Àkọ́kọ́ ní PBO. PBO fúnra rẹ̀ kì í pa ẹ̀fọn. Ó ń dá èròjà tó ń fọ́ oògùn yẹn dúró, kí oògùn àtijọ́ lè ríṣẹ́ ṣe. Ó dáa ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n agbára PBO máa ń tètè dín kù bí a ṣe ń fọ nẹ́ẹ̀tì tó sì ń pẹ́.

Èkejì ní kulofẹnapáyà, tí lẹ́tà C-H-L bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ lára àpò. Èyí ni èmi yóò rà. Ó ń dá agbára tí ara ẹ̀fọn ń lò dúró. Èròjà tí ẹ̀fọn fi ń fọ́ oògùn àtijọ́ gan-an ló sì ń sọ ọ́ di májèlé nínú ara rẹ̀. Ní agbègbè Kofẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n fi wé nẹ́ẹ̀tì oníkẹ́míkà kan fún ọdún méjì, ibà àwọn ọmọdé sì fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2023 fún ibi tí ẹ̀fọn ti ń borí oògùn àtijọ́. Ẹ má retí kí ẹ̀fọn já bọ́ lójú ẹsẹ̀ o: ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń sọ pé ayédèrú ni.

Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì tuntun síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ lo omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, ẹ má fi bílíìṣì sí i, ẹ má sì sá a sóòrùn, nítorí oòrùn ń ba oògùn rẹ̀ jẹ́.

Ní ti ìpara, ẹ má fi ohunkóhun sára ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kó wà, kódà bó bá ń sùn lọ́sàn-án. A kì í fi DEET, oògùn inú ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, sára ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì.

Fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ ra èyí tó ní DEET, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye wákàtí tí yóò lò ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe bó ṣe gbóná tó. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ń lò tó wákàtí méjì, ìdá 30 tó wákàtí márùn-ún. Bí ọmọ bá ń ṣeré níta láti aago méje sí mẹ́sàn-án, ìdá 10 ti tó o. Ẹ kọ́kọ́ bù ú sọ́wọ́ yín, kí ẹ tó fi pa á lẹ́sẹ̀ àti apá. Ẹ má fi kan ojú tàbí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, torí yóò kó o sẹ́nu. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀ kó tó wọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fi èyí tí wọ́n ṣe láti ara ewé yukalíptọ́sì ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ lọ̀ yín, ẹ má gbà á fún un títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta.

Ìdá 30 ni kí ọkọ yín rà. Bó bá fi para ní aago mẹ́jọ alẹ́, kó tún un pa ní aago kan òru, nítorí láàárín òru sí ìdájí ni ẹ̀fọn ibà ń jẹ jù. Kó má jẹ́ kó kan fóònù tàbí aago ọwọ́ rẹ̀, torí DEET máa ń yọ́ rọ́bà líle.