Mọ́tò ni mò ń kà, fíltà ló ń dín

*"Ẹ kú iṣẹ́ o. Sítóò ohun èlò àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń bójú tó, oríṣi ẹrù 1,200 ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n pín wọn sí A, B àti C, kí n fi mọ iye ìgbà tí a ó máa ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ṣé èyí tó wọ́n jù ni A, àbí èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀? Ẹnì kan péré ni mo ní tó lè máa kà á."*

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ mú iye tí ẹ lò láàárín oṣù méjìlá, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú owó ẹyọ kan. Ohun tó bá jáde ni ẹ ó fi tò wọ́n, kí èyí tó tóbi jù wà lókè.

Owó ẹyọ kan ni èmi fi tò ó nígbà àkọ́kọ́, ojú mi sì rí nǹkan. Mọ́tò kan wà lọ́dọ̀ wa tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 4,000, méjì péré la sì ń lò lọ́dún. Torí pé ó wọ́n, mo fi í sí A, oṣooṣù ni mò ń lọ kà á bí ẹni ń ka ọmọ. Kò dín rí. Fíltà ọ́ìlì tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 45 ni mo jù sí C, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́ tí kíkà rẹ̀ pé, 310 ló dín sí ohun tó wà nínú ìwé. 13,950 nìyẹn, ó ku díẹ̀ kó tó owó mọ́tò mẹ́ta àtààbọ̀. Ohun tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé ọdún kan gbáko ti kọjá, n kò mọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí n óò ti wádìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù mẹ́wàá péré wò ó. Fíltà 2,600 la lò lọ́dún, 117,000 nìyẹn. Béárìn 320 tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 250 jẹ́ 80,000. Bẹ́líìtì jẹ́ 24,000, gírísì 12,000, mọ́tò olówó ńlá yẹn 8,000 péré. Síìlì rọ́bà jẹ́ 4,000, bóòtù 3,000, àwọn mẹ́ta tó kù jẹ́ 2,000 lápapọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 250,000. Fíltà àti béárìn nìkan ti kó ìdá 78.8 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ni A. Bẹ́líìtì àti gírísì gbé e dé 93.2, B nìyẹn. Mọ́tò bọ́ sí C. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kí A dúró ní 80, kí B dúró ní 95, ṣùgbọ́n ẹ má fi rúlà gé e. Ibi tí owó náà ti já wálẹ̀ lójijì ni kí ẹ wò: láti 80,000 sí 24,000, ojú mọ ọ̀nà níbẹ̀.

Nínú Excel, ẹ fi iye ìlò sí òpó C, owó ẹyọ sí òpó D, kí ẹ tó kọ èyí kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
E2: =C2*D2
F2: =SUM(E$2:E2)/SUM(E$2:E$1201)
```

Ẹ to gbogbo tábìlì náà láti orí E, èyí tó tóbi jù lókè, kí ẹ tó ka ohun tó wà ní F. Gbogbo tábìlì ni mo wí o. Mo ti to òpó kan ṣoṣo rí, orúkọ ẹrù kan wá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹrù mìíràn, ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe.

Ohun méjì ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Èkíní ni ìwọ̀n. Nọ́ọ̀tì wa ń wọlé ní páálí tó ń gba ọgọ́rùn-ún, owó páálí kan jẹ́ 5, a sì ń kó o jáde ní ẹyọ-ẹyọ, 6,000 lọ́dún. Bí ẹ bá sọ 6,000 di púpọ̀ pẹ̀lú 5, nọ́ọ̀tì á di 30,000, á sì gun orí bẹ́líìtì. Òótọ́ rẹ̀ ni 300. Bí ẹ bá rí ohun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́ kan lókè tó yà yín lẹ́nu, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èkejì ni pé ohun tó jáde lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni ìlò. Ẹrù tí ẹ gbé láti sítóò kan sí òmíràn kì í ṣe ìlò, èyí tí wọ́n dá padà sì gbọ́dọ̀ yọ kúrò.

Ní ti kíkà, agbára ẹni tó ń kà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní A yín jẹ́ 180, B 300, C 720. Bí ẹ bá ń ka A lóṣooṣù, B lẹ́ẹ̀mẹ́rin, C lẹ́ẹ̀kan, kíkà 4,080 nìyẹn. Pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 250, ó lé ní 16 lójúmọ́. Ẹnì kan tó tún ń gbé ẹrù jáde kò ní lè ṣe é, ìwé ló máa wulẹ̀ máa kọ láìkà. Ẹ dín A kù sí oṣù méjì-méjì: 1,080 àti 1,200 àti 720, 3,000 géérégé, 12 lójúmọ́. Ìyẹn ṣeé ṣe. Ẹ má sì fi iye tó wà nínú ìwé han ẹni tó ń kà. Bó bá ti mọ̀ pé 48 ni wọ́n ń retí, 48 ló máa rí.

Kíkà léraléra ló jẹ́ kí n rí ibi tí fíltà ń gbà lọ. Oṣù kejì tí mo gbé e sí A, ó tún dín, a kò sì tíì gba ju páálí mẹ́rìnlá lọ láti ìgbà tí mo kà á gbẹ̀yìn. Ó dín ní 28: méjì-méjì lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí tó máa ń gba 12 tẹ́lẹ̀ ti di 10, ẹni tó ń gbà á wọlé kò ṣí i wò, 12 ló ṣì ń kọ. Kò sí olè kankan. Bí mo bá ti wulẹ̀ tún ìwé ṣe kí n sì máa lọ, à bá ṣì máa sanwó fíltà tí kò wọlé.

Owó nìkan kò mọ gbogbo nǹkan. Síìlì rọ́bà yẹn, ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 4, C ni ìṣirò fi í sí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ẹ̀rọ ńlá kan á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fi ọwọ́ mi gbé e sí A, mo kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá tún un tò lọ́dún tó ń bọ̀ má baà dá a padà. Ẹrù tuntun tí kò tíì lo ọdún ńkọ́? Ìlò tí ẹ fojú bù ni kí ẹ lò fún un. Èyí tí ìlò rẹ̀ jẹ́ òdo ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, torí ìsàlẹ̀ C ló máa sá sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó gidi lè ti há sínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, oríṣi 90 ló wà nínú irú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rántí ẹ̀rọ tí wọ́n ra díẹ̀ nínú wọn fún.